Èrè Wà Lórí Ìwé, Owó Dà?

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ máa dín gàrí ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ètò ọdún kìíní wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò dá 400.000 sẹ́fà jọ, wọn yóò yá 1.000.000, wọn yóò sì ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ní 1.000.000, èyí tí yóò lo ọdún márùn-ún. Wọn yóò ta gbogbo gàrí wọn ní 3.000.000, ṣùgbọ́n ní òpin ọdún, àwọn oníbàárà yóò ṣì jẹ wọ́n ní 600.000. Ẹ̀gẹ́, igi ìdáná àti owó òṣìṣẹ́ yóò gba 2.200.000, èlé yóò gba 100.000, wọn yóò sì san 250.000 padà lára ojú owó tí wọ́n yá.

Ìwé èrè àti àdánù ni a kọ́kọ́ ṣe. Lára 3.000.000, a yọ 2.200.000, a yọ èlé, a sì yọ 200.000 tí ẹ̀rọ fi gbó lọ́dún kan. Èrè jẹ́ 500.000. A kò yọ 250.000 tí a san padà, nítorí gbèsè ni ó dín kù, kì í ṣe èrè.

Nínú ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde, owó tó dé ọwọ́ nìkan ni a ń kà. Ìdáwó, owó yíyá àti 2.400.000 tí àwọn oníbàárà san jẹ́ 3.800.000. Ẹ̀rọ, ìnáwó, èlé àti gbèsè tí a san jẹ́ 3.550.000. Ó ku 250.000.

Ìwé ohun-ìní àti gbèsè ni yóò wá ṣe adájọ́. Owó ọwọ́ 250.000, àwìn 600.000 àti ẹ̀rọ tó ku 800.000 jẹ́ 1.650.000. Ní ìhà kejì, gbèsè tó ku 750.000, ìdáwó 400.000 àti èrè 500.000 jẹ́ 1.650.000. Wọ́n bá ara mu.

Bí wọn kò bá bá ara mu, ẹ wo iye tí ó yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ 250.000, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gbèsè tí a san kúrò lára èrè. Bí ó bá jẹ́ 600.000, bóyá ó ka àwìn mọ́ owó ọwọ́. Ẹ má ṣe fi iye kan dí àlàfo náà: ẹ wá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ìbáramu nìkan kò tó. Bí ẹni tó kọ ètò náà bá gbàgbé àwìn pátápátá, owó ọwọ́ yóò di 850.000; tí a bá fi ẹ̀rọ kún un, 1.650.000 náà ni yóò jẹ́. Ìwé yóò bá ara mu, ṣùgbọ́n 250.000 péré ni ẹgbẹ́ yóò bá nínú àpótí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣirò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta gàrí lọ́jà: ọjọ́ mélòó ni oníbàárà fi ń san àwìn?