Ibi Tí Omi Yóò Gbà Ló Yẹ Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Wá

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ní Àmúkòkò, ibi tí omi yóò gbà jáde ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, kó tó ra páànù kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì. Wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á kan òrùlé, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí bírikìlà lu ihò fún omi.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi abẹ́lẹ̀ sì sún mọ́ òkè. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, sókáwè kì í fa omi mọ́. Ṣe ló ń kún padà. Nítorí náà, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀ títí yóò fi ga ju ibi tí àgbàrá ń dé. Kí ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan dojú kọ gọ́tà ìta, kí gọ́tà náà sì da ìtọ̀ àti omi ìfọ̀lé sínú kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ṣe é gbọ́n. Ṣọ́bìrì ni kí wọ́n máa fi kó ìgbẹ́ kí wọ́n tó da omi sílẹ̀, kí kòtò má baà tètè kún.

Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ́ 10, tí wọ́n ń sìn wọ́n títí wọn yóò fi tó nǹkan bíi 100 kílò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àyè tó tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, yóò gbà wọ́n, yóò sì ṣẹ́ àyè kù fún ọpọ́n oúnjẹ. Kí ilẹ̀ náà fi sẹ̀ǹtímítà 3 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 12 láti ìdí ọpọ́n dé ìdí gọ́tà. Kí kankéré tó gan, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fà á lójú: bó bá ń dán, ẹran á yọ̀ ṣubú; bó bá mú jù, á ha wọ́n ní pátákò. Kí ẹran tó wọlé, kí wọ́n da garawa omi kan síbi tó ga. Ibi tí omi bá dúró sí, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí ènìyàn, atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Ògiri mítà kan tó. Kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dé abẹ́ òrùlé, kí ilé sì na ara láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn kí oòrùn má baà ráyè wọlé. Bí ẹran bá fi ibi gbígbẹ sílẹ̀ lọ sùn nínú ìgbẹ́, ooru ti mú wọn tàbí àyè há. Bí ojú bá ń ta ẹni tó wọlé láàárọ̀, ìtọ̀ wà níbì kan tí kò ṣàn.

Ilé tó dára kò lè dá gbogbo àrùn dúró. Ní ọdún 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí kò ní oògùn, pa ẹran rẹpẹtẹ ní Òkè-Àrò. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó ń gba inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn ń gbé àrùn kiri ni.

Àgbàlá tí kò bá láyè fún kòtò tí gọ́tà yóò da ìtọ̀ sí kì í ṣe ibi ẹlẹ́dẹ̀. Kí olúwa rẹ̀ wá ilẹ̀ síbòmíràn.