Ilé Onílẹ̀kùn Kan

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ ń gbé ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Abẹ́òkúta: yàrá kan, pálọ̀ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tí a fi ń dáná, àti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Fèrèsé mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irin ni a fi dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí olè. A kò bá onílé wí nítorí irin náà. Ẹni tí olè bá ti jà rí mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yẹn gan-an ni a gbé sítóòfù sí, kí èéfín baà lè tètè jáde. Bí iná bá ṣẹ́ yọ níbẹ̀, ojú ọ̀nà tí ó yẹ kí á gbà sá ni iná ti dúró.

Gáàsì tí a fi ń dáná kò rí bí èéfín. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó máa ń rá lọ, títí yóò fi bá àbẹ́là tàbí ìtapárá ẹ̀rọ amómitutù pàdé ní yàrá kejì. Ìta ni ó yẹ kí sílíńdà wà, ní òró, lábẹ́ ìbòòji, kí rọ́bà rẹ̀ gba ara ògiri wọlé, kí á sì máa ti orí rẹ̀ pa lálaalẹ́. Fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ rọ́bà náà: bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Bí òórùn gáàsì bá gba ilé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tí ó ti wà ní títàn, nítorí ìtapárá ń bẹ nínú méjèèjì. Ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì bọ́ síta.

Ti iná mànàmáná tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni a fa waya sí kí Nẹ́pà tó dé ní 1972, nígbà tí gílóòbù mélòó kan àti rédíò nìkan ni onílé ní. Lónìí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni a ń ki ẹkitẹ́ńṣàn bọ̀, tí a sì ń kó gbogbo ẹrù ilé lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹkitẹ́ńṣàn tí a kọ 13 áńpù sí lára kò gbọdọ̀ ru ju nǹkan bí 3,000 wáàtì lọ. Kẹ́tù ìseomi ń gba 2,000, áyọ́ọ̀nù ń gba 1,200. Àwọn méjèèjì nìkan ti ré kọjá, kí á tó dárúkọ amómitutù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkan lè wí pé fiúsì yóò já. Ó lè má já o: fiúsì 13 áńpù lè ru nǹkan bí 20 áńpù fún ìgbà pípẹ́, waya tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yóò sì máa gbóná ní gbogbo àkókò náà. Ẹ fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá gbóná, bí ojú ihò rẹ̀ bá ti pọ́n bí ẹni fi iná yan án, tàbí bí òórùn rọ́bà tí ń jóná bá ń jáde, ẹ yọ ọ́. Ẹni tí ó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò fiúsì ti lé ọdẹ ilé rẹ̀ lọ. Bí iná bá sì lọ nígbà tí a ń lọ aṣọ, kí á fa áyọ́ọ̀nù yọ, nítorí òru ni wọ́n sábà máa ń mú iná padà dé.

Nípa àtijáde, alágbẹ̀dẹ onírin lè sọ ọ̀kan nínú irin fèrèsé yàrá, èyí tí ó jìnnà jù sí ibi ìdáná, di ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí síta. Kí àlàfo rẹ̀ tó 45 sẹ̀ńtímítà ní ìbú àti 75 ní gíga, kí àgbàlagbà lè gba ibẹ̀ jáde. Kí á so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìṣó nínú ilé, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò tó, tí ọwọ́ olè láti ìta kò ní tó. Lóru, kí á ti ilẹ̀kùn yàrá kí á tó sùn. Yóò dá èéfín dúró díẹ̀. Èéfín ń lọ sókè, nítorí náà rírá ni kí á rá jáde. Àwọn tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè gbára lé fèrèsé. Àtẹ̀gùn kejì ni tiwọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán ilé wọn, kí wọ́n sì fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà àbájáde méjì. Kí ẹ ránṣẹ́ sí òbí ọmọ tí ó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ní ìpàdé wọ́ọ̀dù tí ń bọ̀, ẹ bi kánsẹ́lọ̀ yín bóyá ẹnikẹ́ni ní ìjọba ìbílẹ̀ ń wo ọ̀nà àbájáde kejì kí wọ́n tó fọwọ́ sí púláànù ilé.