Lẹ́sìn Nóòtì Lórí Àmì Ohùn, Ṣùgbọ́n Àwọn Wo La Fẹ́ Kọ́?

Bí àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tíì-pí, bá ti wọlé dé, irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa ń rán sí àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá lẹ́sìn nóòtì lórí àmì ohùn. Ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó." Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó béèrè kò sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ tàbí kíláàsì tí wọ́n wà. Kò sọ iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ yóò gbà. Kò sọ ohun tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ lè ṣe nígbà tí aago bá lù, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun èlò tó wà nílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti fi nóòtì èṣín ránṣẹ́, àdúrà á tẹ̀ lé e, oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí irú nóòtì bẹ́ẹ̀ máa jáde lọ́wọ́ wa. A kò sọ pé kí á lé ẹni tó béèrè padà. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn nǹkan mẹ́rin tí kò sọ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Àmì ohùn kàn jẹ́ orí ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí á mú Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó wò, nítorí pé àwọn kan nínú wa ń gbé ibẹ̀, a sì mọ irú ọmọ tó ń jókòó sí kíláàsì níbẹ̀. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n, ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀ dáadáa. Kò ní ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì láé. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ olùkọ́ níbí ni láti jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá wọlé tó kọ "orúkọ mẹ́ta ni àmì ohùn ní, àwọn náà ni..." sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ náà á kọ ọ́ sínú ìwé, á há a sórí, á sì jáde láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni wọ́n ń sọ.

Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oní-sílébù kan: kọ́, kọ, kọ̀. Bàbá ń kọ́lé. Àǹtí ń kọrin. Mo ní kó wá, ó kọ̀. Bí ohùn bá lọ sókè, ọwọ́ lọ sókè orí. Bí ó bá wà láàárín, ọwọ́ dúró ní àyà. Bí ó bá wálẹ̀, ọwọ́ wá sí ìdí. A kò ní kọ àmì kankan lọ́jọ́ náà.

Ẹ kíyè sí i pé a fi kọ̀ sí ìparí gbólóhùn, a ò fi ọ̀rọ̀ orúkọ tẹ̀ lé e. Ìdí wà fún un. Gbogbo àwa tí a ti kọ́ fonọ́lọ́jì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ bá tẹ̀ lé e. "Ó rà á" ni à ń wí, ṣùgbọ́n "ó ra aṣọ" ni. Olùkọ́ tí kò rántí èyí á fi rà ṣe àpẹẹrẹ ohùn ìsàlẹ̀, á wá sọ pé "Màmá ra ẹja", ọmọ tí etí rẹ̀ mú jù lọ nínú kíláàsì á sì gbé ọwọ́ sí àyà. Ọmọ náà ló gbà á, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n á sọ fún pé kò gbọ́. A ti rí i nínú nóòtì tí wọ́n ń pín kiri, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun mìíràn tún wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì ló ń sọ Yorùbá nílé. Òmíràn, Igbo ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Òmíràn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òbí ń bá a sọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kò rí bákan náà rárá. Igbo náà jẹ́ èdè olóhùn: ákwá ni ẹkún, ákwà ni aṣọ, àkwá ni ẹyin, àkwà ni ibùsùn. Ọmọ tó ń sọ Igbo nílé ti ní etí tó ń gbọ́ ohùn. Bí olùkọ́ bá bi í kí ni wọ́n ń pe ẹyin àti aṣọ nílé wọn, òun gan-an á ran kíláàsì lọ́wọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ ni iṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀ jù, yálà Adé ni ó ń jẹ́ tàbí Chidi. Nínú gbogbo nóòtì tí ó ti kọjá lójú wa, "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ nípa álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá rí" ni wọ́n máa ń kọ sí ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá. Ó dà bíi pé ẹnìkan ló kọ́kọ́ kọ ọ́, tí gbogbo ayé sì ń dà á kọ.

Wàyí o, ká ní kì í ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ká ní ọdún kìíní ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá, ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn wọ̀nyí lè kọ àmì. Ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú kì í jẹ́ ogójì. Kí olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ṣáájú tó palẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó kí olùkọ́ tuntun, kí wọ́n tó pa bọ́ọ̀dù rẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Márùn-ún mìíràn á lọ sí kíkọ nǹkan sínú ìwé. Ọgbọ̀n ló kù. Bí ọmọ ọgọ́ta bá wà ní kíláàsì, tí olùkọ́ sì fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dìde pe ọ̀rọ̀ kan, tí a bá fún ọmọ kan ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ogún ìṣẹ́jú gbáko ti lọ lórí ìyẹn nìkan. Bí wọ́n bá jẹ́ ọgbọ̀n ọmọ, mẹ́wàá ni. (Iye ọmọ yìí ni nǹkan karùn-ún tí ẹnikẹ́ni kì í sọ.)

Èròńgbà wá ńkọ́? "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ àmì ohùn." Báwo la ṣe fẹ́ rí i pé ó mọ̀? Ní 1962 ni Robert Mager ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ohun mẹ́ta ló sì ní kí èròńgbà sọ: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe tí ojú á rí, ipò tí yóò ti ṣe é, àti bí yóò ṣe dára tó kí á tó gbà á. Ẹ jẹ́ kí á fi kọ tiwa: bí olùkọ́ bá pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó ní sílébù méjì méjì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi àmì tó tọ́ sí méje nínú wọn, ó kéré tán. Gbàrà tí a kọ èyí sílẹ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ náà ti la ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún gbígbọ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Mẹ́wàá fún fífi àmì sí orí wọn lójú bọ́ọ̀dù. Mẹ́wàá fún ọ̀rọ̀ mẹ́wàá náà. Márùn-ún tó kù, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ara wọn wò.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ìparí yẹn ni àṣìṣe ti máa ń fara hàn. Ọmọ tó bá kọ "ọ́kọ̀" kò fetí sílẹ̀, ó kàn ń fi àmì ṣe ọ̀ṣọ́ ni, nítorí pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba ohùn òkè. Bákan náà, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ariwo "dò, re, mí" tan òun jẹ. Gbogbo kíláàsì lè pa á pọ̀ kó dún bí orin, síbẹ̀ kí ọmọ ogún nínú wọn máa tẹ̀ lé ẹnu ẹni tó wà níwájú. Kí ó pe ọmọ kan ṣoṣo, kí ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò sí lójú bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni òtítọ́ wà.

Ohun èlò ni wọ́n fi ń parọ́ jù nínú nóòtì. Wọ́n á kọ "kádíbọọdù, àwòrán, fídíò" síbẹ̀, kí iná má sì sí, kí kádíbọọdù má sì sí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, pé kí á fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ bíi ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ara iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ìwé tí àwọn ọmọ yóò kà fúnra wọn. Wọn kò kọ "ìwé ìkàwé" sínú ètò kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní agbára ìyẹn lóru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àmì ohùn kò gba owó. Orúkọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí tó. Ìjẹ̀ṣà: dò dò dò. Òṣòdì náà: dò dò dò. Mùṣín: dò mí. Sùúrùlérè: dò mí dò mí dò. Ọmọ tí kò sọ Yorùbá nílé pàápàá ń gbọ́ ọ lẹ́nu kọ́ńdọ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn kan nínú wa sọ pé a ń dà á láàmú jù. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ lò ó lọ́la kò ní àyè ìbéèrè, ẹ fún un, á tún un ṣe. A gbọ́ wọn, apá kan sì jóòótọ́: bí a bá da ìbéèrè mẹ́wàá bo ẹni tí ẹ̀rù alábẹ̀wò ti ń bà, kò ní dáhùn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n kò ní tún un ṣe. Bí ó bá mọ bí a ṣe ń tún un ṣe ni, kò ní béèrè ní ọ̀nà tó gbà béèrè.

Nítorí náà, méjì péré ni kí á máa béèrè: kíláàsì wo ni, àti pé kí ni o fẹ́ kí wọ́n lè ṣe nígbà tí aago bá lù? Méjì tó kù, kí á fi ojú bù ú, kí á sì kọ ọ́ sókè nóòtì gàdàgbà kí ó rí i: "A gbà pé ogójì ìṣẹ́jú ni, a gbà pé ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù nìkan ló wà." Ìdí tí a fi yàn wọ́n báyìí ni pé iye ìṣẹ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé ìwé kan sí èkejì, ọgbọ̀n sí ogójì ni, ṣọ́ọ̀kì sì ni ohun tó kéré jù tí a lè rí. Ọjọ́ orí àti èròńgbà kò ṣeé fojú bù. Ẹni tó bá ṣì wọ́n á kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá.

Bí kò bá sì dáhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, kí á fi ti ọdún kìíní girama ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ìlà méjì yẹn lókè, kí á fi ìlà kẹta kún un: bí ó bá jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, má lo èyí, pè wá. Kí á sì fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi tí yóò gé bí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni: ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn yóò di márùn-ún, mẹ́rin nínú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà, kíkọ sínú ìwé yóò sì di iṣẹ́ àṣetiléwá. Apá gbígbọ́ ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.