Sọ Ohun Tí O Ń Wá Kí Ọ̀nà Tó Jìn

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní Okrika àti káàkiri Pọ́takọ́tì, nílé lọ́hùn-ún, òkìríkà ni a ń pe aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé orúkọ ìlú etí omi yìí ni a fi ń pè é. Aṣọ òkìríkà kò ní wàhálà. O bẹ̀rẹ̀, o ṣa èyí tó wù ọ́, o gbé e wò lára, bí kò bá bá ọ mu, o dá a padà sórí òkìtì. Ènìyàn kì í ṣe aṣọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mò ń rí i láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa tó wá ṣiṣẹ́ níhìn-ín: arákùnrin àti arábìnrin á máa jáde pọ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, ọ̀kan ń ronú ìgbéyàwó, èkejì kàn ń fi ẹnìkejì pa àárò ilé, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ẹni tó fẹ́ ìgbéyàwó ń bẹ̀rù pé bí òun bá dárúkọ rẹ̀, ẹnìkejì á sá.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kọ́ ló ń lé ènìyàn sá. Ohun tó ń lé wọn ni kí a gbé e kalẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti parí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin kì í ṣàdédé lọ ko ọmọbìnrin lójú. Alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ló ń gbé èsì bọ̀. Ìdílé méjèèjì á sì ṣe ìwádìí kí ọmọbìnrin tó jẹ́ hẹn. Àǹfààní alárinà ni pé gbogbo ènìyàn mọ ohun tó bá wá láti ọjọ́ kìn-ín-ní, síbẹ̀ ọmọbìnrin lè kọ̀ láìsí ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín, kò sí alárinà, kò sì sí ìyá tí yóò béèrè lẹ́yìn oṣù kan pé, "Ta ni ọmọ tó ń wá síbí yẹn?" Ìwọ fúnra rẹ ni yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì: kí o sọ ohun tí o bá wá, kí o sì fi àyè ìkọ̀ sílẹ̀.

Ìránṣẹ́ Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 24 ṣe é dáradára. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní òun kò ní jẹ ẹ́ títí òun yóò fi jíṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Nígbà tó jíṣẹ́ tán, kò kó wọn láyà jẹ. Ó ní bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n sọ fún òun, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò yà sí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe Rèbékà, wọ́n sì bi í fúnra rẹ̀ bóyá yóò lọ.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà láàrin "Mò ń wá aya" àti "Ìwọ ni aya mi." Ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ò ń lọ. Ti kejì ń pinnu fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́. Èyí tó burú jù ni ti arákùnrin tó pàdé arábìnrin lẹ́ẹ̀mejì, tó wá ní Ọlọ́run ti fi í han òun. Bó bá kọ̀, ṣé Ọlọ́run ló kọ̀ ni? Ó ti gba ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń sá fún.

Jẹ́ ká sọ pé arákùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní èbúté epo ní Okrika, arábìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kò sì tíì sí ìfẹ́ tó wọra. Ìgbà náà ló yẹ kó sọ ọ́. Kó yan ọ̀sán gangan, níbi tí ènìyàn wà, tí arábìnrin náà lè dìde lọ sílé fúnra rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú owó, kó má baà dà bíi pé ó ń gba gbèsè. Kó wá sọ pé: "Sístà, inú mi máa ń dùn bí a bá jọ sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ tàn yín: ìgbéyàwó ni mò ń wá báyìí, kì í ṣe eré. Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni, mi ò tíì mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì tíì mọ̀ mí. Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà ń wá nìyẹn, àbí nǹkan mìíràn?" Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́. Kó má fi ìpè yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kó máa kí i ní ìjọ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí arábìnrin náà bá ní kó jẹ́ kí òun ronú, tó sì padà mú ọ̀rọ̀ náà wá fúnra rẹ̀, ìrètí wà. Bó bá ní, "Ṣé a ò lè kàn jọ máa gbádùn ara wa ná?" èsì nìyẹn, kì í ṣe ìdúnàádúrà. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa ṣe ọ̀rẹ́ ìjọ. Bí ẹ bá fọkàn sí i kan náà, ẹ tètè béèrè jẹ́nótáìpù ara yín, kí ìfẹ́ tó di ẹrù. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ó rọrùn láti gbọ́ èyí ní oṣù kìn-ín-ní ju kí wọ́n ti dá aṣọ ẹbí tán lọ.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ Okrika ni ọkàn rẹ fà sí, ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Láti àtijọ́, àwọn àti àwọn Kalabari aládùúgbò wọn ní ìgbéyàwó oríṣi méjì. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ìya, ọkọ san owó orí ní kíkún, àwọn ọmọ sì jẹ́ ti ilé bàbá. Nínú ìgwà, owó orí kéré, ilé ìyá ló sì ni àwọn ọmọ. Nítorí náà, tí o bá ní ìgbéyàwó ni ò ń wá, àwọn àgbà ilé rẹ̀ lè bi ọ́ pé, "Èwo?" Má jẹ́ kó jẹ́ iwájú wọn ni o ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bi arábìnrin náà ṣáájú.

Arábìnrin mi, má rò pé ọkùnrin nìkan ló lè sọ ọ́. Bí o bá bi í pé, "Kí lẹ ń wá gan-an?" kí o tó bá a jáde nígbà kẹta, kò túmọ̀ sí pé ò ń lé ọkọ. Ṣùgbọ́n fetí sí ìṣe ju ẹnu lọ. Ẹni tó ní ìgbéyàwó lòun ń wá, tí kò sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo mọ̀ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí kò jẹ́ kí o bá ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ti fún ọ lésì.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan yóò lọ nígbà tí o bá sọ ọ́. Àwọn tó lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì jẹ ọ́ ní ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà kò jẹ wọ́n. Ẹni tó lọ lẹ́yìn ọdún méjì ló ń kó ọjọ́ orí ènìyàn lọ.