Ta ló ń ba ọjà jẹ́ gan-an?

Ẹ wò ó, ó ti sú mi. Bí iye ọjà bá ti já lulẹ̀ l'Ókè-Àrín báyìí, ilé-iṣẹ́ á ní àwọn dísítíríbútọ̀ ló ń ba ọjà jẹ́. Irọ́ ni o. Owó ìwúrí tí wọ́n fúnra wọn gbé kalẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ẹ fara balẹ̀ ka tírẹ́ẹ̀dì yìí.

Ká mú ọṣẹ ìfọṣọ lúbúlúbú. Ká ní ₦10,000 ni ilé-iṣẹ́ ń ta páálí kan fún dísítíríbútọ̀. Wọ́n wá ní bó bá ra páálí 1,000 kí oṣù tó parí, àwọn á dá ₦400 padà fún un lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Bó bá ku ẹyọ kan péré, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.

Ó wá di ọjọ́ 27. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti ra 700, ilé ìkẹ́rù rẹ̀ ṣì kún, ọjà ò yá. Sélsìmáànù ń pè é láàárọ̀, ó ń pè é lálẹ́, torí òun náà ní tàgẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé 300 tó kù yẹn."

Ṣé ẹ rí ìṣirò yẹn? Bó bá gbé e, ₦400,000 ń bọ̀. Bí ò bá gbé e, òfo. Ló bá yáwó, ó gbé e, ó sì lọ já 300 yẹn sílẹ̀ ní ₦9,600 fún àwọn tó ń tà ní páálí l'Ókè-Àrín. Ó pàdánù ₦120,000 níbẹ̀, àmọ́ ₦280,000 ṣì kù fún un. Èmi gan-an á ṣe é!

Ẹni tó máa forí fá a ni màmá tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ládùúgbò. Mọ́tò dísítíríbútọ̀ já páálí kan fún un ní ₦10,300. Ó dọjà ní Sátidé, ó bá a ní ₦9,700. Bí mọ́tò yẹn bá tún dé, ohun tí màmá máa sọ ni "ẹ máa lọ, mo ṣì ní." Bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó epo ò ní yọ mọ́, mọ́tò á sì jáwọ́ nínú wíwá sí àdúgbò yẹn. Pátákó ilé-iṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà màmá o, àwòrán ọṣẹ gàgàrà. Ọṣẹ ò sí lórí pẹpẹ. Wọ́n á wá gbé póròmò jáde, "ra mẹ́wàá, gba ọ̀kan." Ta ló ń ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan? Àwọn ará Òkè-Àrín náà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí ọjà ń jáde ní ilé-iṣẹ́ yín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn wá gbé èyí tó pọ̀ jù, ẹ ò tà á, ẹ kàn ń ṣí i kiri láti ilé ìkẹ́rù kan sí òmíràn ni.

Ẹ san owó náà lórí iye ṣọ́ọ̀bù kékeré tó rà á lọ́wọ́ dísítíríbútọ̀. Ẹ fún ẹni tó ra 700 náà ní nǹkan, kó má baà sáré ọjọ́ 27. Wọ́n á ní ẹlòmíì á kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ò sí. Òótọ́ ni, wọ́n á kọ ọ́. Ẹ gba ẹni tí á máa lọ yẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà wò. Owó pátákó yẹn á san owó oṣù rẹ̀.