Àwòrán Kì Í Ṣe Owó

Lójú tiwa, ẹni tó fi àwòrán ojú fóònù han ọlọ́jà kò tíì sanwó. Láti ìgbà tí owó bébà ti wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àtijọ́, ní Fìdítì àti Ìlọrà, ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó sínú àkáǹtì. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà sì ti mọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn kékeré kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ọkọ̀ wá sí Fìdítì, ó ra agbọ̀n ọsàn mẹ́ta, ₦36,000. Ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó sì nà án sí ìyá ọlọ́sàn. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ pé, wọ́n sì kọ `Successful` síbẹ̀.

“Ẹ wò ó, mọ̀mí, ó ti wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá àlẹ́ẹ̀tì yín dúró. Mo ti fi àwòrán rẹ̀ sórí Wáàsáàpù yín.”

Ìyá mi orí. Wọ́n ti gbé agbọ̀n kan sínú búùtù kó tó sọ pé, “Ọmọ mi, jẹ́ kí n wo tèmi náà.” Ó tẹ kóòdù báǹkì lórí fóònù ara rẹ̀. ₦4,250 tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ló ṣì wà.

“Ṣé olè lẹ̀ ń pè mí ni?”

“N kò pè ọ́ lólè. Owó ni n kò rí.”

Ó ní òun ń lọ gba owó lọ́wọ́ onípíóẹ́ẹ̀sì. Wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀. Kò padà wá.

Nígbà tí ọmọ ìyá wo àwòrán náà dáadáa, ó rí ohun kan. Owó tó bá gba NIBSS kọjá láti báǹkì kan sí òmíràn máa ń ní `Session ID`, nọ́ńbà 30 tó tò tẹ̀lé ara wọn. Láti ìkeje dé ìkejìlá ni ọjọ́ tí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ máa ń wà: ọdún, oṣù, ọjọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n kọ sókè àwòrán, ṣùgbọ́n `250531` ló wà nísàlẹ̀. Rìsíìtì ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tún kùn.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà náà bá tilẹ̀ bá ọjọ́ mu, kò fi hàn pé owó wọlé. Ẹni tó lè yí ọjọ́ padà lè yí òun náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ àlẹ́ẹ̀tì pàápàá ṣeé ṣe láyédèrú, pẹ̀lú orúkọ báǹkì lórí rẹ̀. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí ọlọ́jà wò. (Owó gidi náà máa ń há sọ́nà nígbà míì, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́ ni gbájú-ẹ̀.)

Ìtìjú ni irú wọn ń lò jù. Wọ́n mọ̀ pé ọlọ́jà wa kì í fẹ́ dójú ti oníbàárà. Ìyá yìí ti wá ọgbọ́n sí i: kí ó tó dá iye lé ọsàn, ó ti ń sọ fún oníbàárà pé, “Tí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, a jọ máa jókòó dè é ni o.” Ó sì ti gbé àga kan síbẹ̀.