Omi Ọ̀ṣun Nínú Ìwé Àlejò



Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé lọ́dọọdún, àwọn tí ń kó àlejò lọ sí Òṣogbo a máa tẹ ìwé ìléwọ́ jáde fún ọdún Ọ̀ṣun. Ẹnìkan á kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn á gbé e fún ẹlòmíràn kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Potogí, wọn á gbé e fún òmíràn kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Jámánì. Bí owó bá ṣẹ́kù, wọn á rántí Yorùbá níkẹyìn. Ẹni tó bá fi ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn yóò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jábọ́ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àléébù wọn. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni í tẹ̀ lé ìwé àlejò: ohun tó bá kà níbẹ̀ ni yóò pinnu aṣọ tí yóò dì sínú àpò, ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, àti ohun tí yóò fi omi odò ṣe nígbà tó bá dé etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Èmi ni mo kọ ọ́, ní irú ohùn tí a sábà máa ń bá nínú àwọn ìwé náà:

"Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ní ọjọ́ ọdún, Arugbá a gbé igbá lọ sí etí odò, Àtáọ́ja pẹ̀lú gbogbo ìlú a sì tẹ̀ lé e. Tọmọdé tàgbà a bu omi ìyè, omi tí í fún àgàn lọ́mọ."

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ẹ jẹ́ kí a wo bí yóò ti rí fún ará Bùràsíìlì, fún ará Ọ́síríà tàbí Jámánì, àti fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Òkè-Arò níhìn-ín.

Hẹ́kítà ni kí a kọ́kọ́ mú. Ará Jámánì mọ hẹ́kítà, ṣùgbọ́n ojú inú rẹ̀ kò tètè rí i. Bí a bá sọ fún un pé igbó náà tó pápá bọ́ọ̀lù 105, yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé bàtà tó rọrùn ni kí òun wọ̀. Ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń fi éékà ka ilẹ̀, nítorí náà 185 éékà ni ká kọ fún un. Ní ti ará Bùràsíìlì, olùtumọ̀ tó bá fẹ́ fi hàn pé òun gbọ́n lè sọ pé kí òun lo òṣùwọ̀n ilẹ̀ tiwọn tí à ń pè ní alikéèrì. Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Alikéèrì ti ìpínlẹ̀ Sáò Páólò jẹ́ hẹ́kítà 2.42, ti Mínásì jẹ́ 4.84, ti Bàhíà sì jẹ́ 9.68. Igbó kan náà yóò di nǹkan bí alikéèrì 31 lójú ẹnìkan, kò sì ní pé 8 lójú ẹlòmíràn. Hẹ́kítà yé gbogbo wọn. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ kọ́ ló máa ń yé ènìyàn jù nígbà gbogbo.

Àwa ará Òkè-Arò ńkọ́? Pulọ́ọ̀tì ni èdè ilẹ̀ níhìn-ín. Bí a bá fi pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní gígùn wọ̀n ọ́n, Igbó Ọ̀ṣun lé ní pulọ́ọ̀tì 1,100. Ẹni tó ń ka pulọ́ọ̀tì ní 50 sí 100 yóò rí ohun tó lé ní 1,600, nítorí náà ìwé gbọ́dọ̀ sọ irú pulọ́ọ̀tì tó ní lọ́kàn. (Ẹ̀rù a máa bà mí díẹ̀ láti fi pulọ́ọ̀tì ka igbó òrìṣà. Ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí ní apá ibí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n mìíràn tí yóò yé awakọ̀ àti oníṣòwò kíákíá bẹ́ẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Kí a fi orúkọ pe oṣù, kí a má ṣe fi nọ́ńbà kọ ọ́. 8/9 jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ lójú ará Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án lójú ará Yúróòpù. Ọjọ́ kejì yìí sì ni wọ́n ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Kúbà, nítorí náà ẹni tó bá ṣì í kà lè rò pé òun kò ṣì í rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe sọ fún ará Bùràsíìlì pé ìgbà ooru ni ọdún náà bọ́ sí, bí a ti ń sọ ọ́ fún àwọn ará Yúróòpù. Ìgbà òtútù ni oṣù Kẹjọ nílẹ̀ tiwọn, òjò ló sì wà nílẹ̀ tiwa.

Gbólóhùn kejì ni orúkọ oyè wà. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe Arugbá ní wúńdíá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé inú èdè Potogí, Màríà ni àwọn òǹkàwé yóò gbọ́. Kí a fi Arugbá sílẹ̀ bó ti wà, kí a sì sọ pé ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, tó ru igbá ẹbọ ìlú ni. Àtáọ́ja pẹ̀lú kò ṣeé sọ di ọba lásán. Ìtàn wà nínú orúkọ náà: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja, nítorí Lárọ̀óyè tó tẹ́wọ́ gba ẹja tí odò rán sí i. Gbólóhùn kan tó sọ èyí yóò mú kí àlejò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ pẹja nínú odò náà, ju kí a kọ "èèwọ̀" ní lẹ́tà gàdàgbà lọ. Fún ọmọ Yorùbá, èèwọ̀ nìkan ti tó. Ẹni tó bá ń bi èèwọ̀ léèrè ìdí lójú agbo mọ ohun tó ń wá. Ní ti àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, mo ti rí ibi tí wọ́n ti túmọ̀ "ojú" rẹ̀ sí ojú tí a fi ń ríran. Iwin ni wọ́n sọ àtùpà dà. Ibi tí iná ti ń jó ni ojú àtùpà, mẹ́rìndínlógún sì ni wọ́n.

Ìtò ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ọ̀nà tó yá jù láti wọlé sí ọkàn ará Ọ́síríà ni Súsáànì Wẹ́ńgà, tí a bí ní ìlú Gíráàsì ní 1915, tó di Àdùnní Olórìṣà láàrin wa, tó sì kú ní Òṣogbo ní 2009. Kí ìwé tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ojú ewé náà má tíì parí kí ó tó ka orúkọ Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbádàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àlejò yóò máa wo igbó náà bí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú òun tó sọnù sí Áfíríkà. Ìwé Yorùbá ní tirẹ̀ ti Lárọ̀óyè àti Olútìmẹ̀hìn bẹ̀rẹ̀. Pé Àjọ Yunẹ́sìkò fi igbó náà sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní àgbáyé ní 2005, gbólóhùn kan ti tó fún un níbẹ̀.

Ará Bùràsíìlì kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe Ọ̀ṣun fún un. Ohun tó nílò ni kí a sọ ibi tí tiwa ti yàtọ̀ sí tirẹ̀. Lẹ́tà "x" ni wọ́n fi ń kọ orúkọ náà, wọ́n sì fi "m" parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ fún wọn, kí a tó mú tiwa wá. Oore yèyé tí à ń kí wà lẹ́nu wọn títí di òní, kò sídìí láti túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wọn jẹ́ pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè àti bíi wúrà, aṣọ funfun ni wọn yóò sì bá lára àwọn olórìṣà ní Òṣogbo. Bí ìwé kò bá sọ ọ́, wọn yóò rò pé ọdún òrìṣà mìíràn ni àwọn dé. Bákan náà, òkun ni wọ́n fi Yemọja sí, nígbà tó jẹ́ pé Odò Ògùn ti ìpínlẹ̀ wa yìí ni ilé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Olùtumọ̀ tó bá fẹ́ fi àfiwé Yemọja ṣàlàyé odò fún wọn yóò kó wọn lọ sí etíkun.

Ohun kan wà tí ó dà bí ìrọ̀rùn tó sì jẹ́ ọ̀fìn: kí a fi Ọ̀ṣun wé Màríà nítorí pé àwọn baba ńlá wọn ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìdè ẹrú. Ní 1983, Ìyá Stẹ́là ti Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Sáfádọ̀, pẹ̀lú àwọn ìyálórìṣà mìíràn, kéde ní gbangba pé àwọn kò fẹ́ ìdàpọ̀ òrìṣà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Páàdì. Ìwé tó bá lo àfiwé náà yóò dùn mọ́ àwọn kan, yóò sì bí àwọn tó ṣeé ṣe jù kí wọ́n wá sí Òṣogbo nínú.

Ó wá ku omi ìyè. Gbólóhùn kẹta yìí ló rọrùn jù láti túmọ̀, òun náà ló sì léwu jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Yorùbá mọ̀ pé oríkì ni: Ọ̀ṣun ni à ń kí, a kò kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Bó bá di Jámánì, ó di ẹ̀rí tí a jẹ́ nípa omi náà: ó mọ́, ó sì ń wòsàn. Ará Bùràsíìlì tó jẹ́ olórìṣà yóò gbà á bí àṣẹ, yóò sì bu mu. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu omi náà mọ́, nítorí ìdọ̀tí tí iṣẹ́ àwọn awagóòlù lókè odò ti dà sínú rẹ̀. Omi náà kò mọ́ gaara mọ́ lójú, ṣùgbọ́n májèlé tí a ń bẹ̀rù nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí.

Kí ni kí a wá kọ? Fún ará Jámánì: "Àwọn olórìṣà a máa bu omi odò yìí láti tọrọ ọmọ, ìjọba kìlọ̀ pé kò dára fún mímu." Fún ará Bùràsíìlì, ìkìlọ̀ náà ni kí ó ṣáájú, kí ó sì wá láti ẹnu ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òrìṣà: "A ti ba odò Ìyá wa jẹ́ lókè. Ẹ kí i, ẹ wúre létí rẹ̀, ẹ má mu ún." Fún tiwa, kí oríkì dúró bó ti wà, kí ìkìlọ̀ sì tẹ̀ lé e ní gbólóhùn tirẹ̀, ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà. Kò gbọdọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Àwọn tó ń tẹ ìwé a máa dán iṣẹ́ olùtumọ̀ wò nípa pé kí ẹlòmíràn tún un túmọ̀ padà sí èdè àkọ́kọ́. Ìdánwò yẹn yóò yin ìtumọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì ja gbogbo àtúnṣe tí mo kà sílẹ̀ yìí kulẹ̀. Èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yàtọ̀. Ẹ fún ẹni mẹ́ta tí wọn kò dé Òṣogbo rí ní ìwé náà, ní èdè abínibí wọn, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé: ọjọ́ wo lẹ ó dé? Aṣọ àti bàtà wo lẹ ó wọ̀? Bí ẹ bá dé etí odò, kí lẹ ó fi omi rẹ̀ ṣe? Bí ẹyọ ẹnìkan bá dáhùn ìbéèrè kẹta pé òun yóò mu ún, kí ìwé náà má ì tíì lọ sí ilé ìtẹ̀wé.